Lẹ́tà antibayótíìkì tí kọmití dá padà fún mi lẹ́ẹ̀mẹta

Ìgò kọlísítíìnì 54 ni ọmọ kan rà níta fún ìyá ẹ̀ láàárín ọjọ́ márùn-ún, antibayótíìkì tí ìyá yẹn ò sì nílò rárá. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ lẹ́tà tí mo fi ní ká ti irú oògùn bẹ́ẹ̀ mọ́lé ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má rò pé ìtara iṣẹ́ ló ń ṣe mí o, inú ló bí mi.

Fámásísìtì ni mí ní ọsibítù kan nílẹ̀ Ìjẹ̀bú níbí, mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Ìyá náà wá láti Àgọ́-Ìwòyè, ibà ń ṣe é, ìtọ̀ ń ta á. Wọ́n gba ìtọ̀ ẹ̀ lọ sí láàbù, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gún un ní sẹfitiráásóònù, ìyẹn ò burú. Ọjọ́ kẹta ibà ò lọ. Ọjọ́ kẹta yẹn náà ni èsì jáde: kòkòrò Í-kólì ló wà nínú ìtọ̀ ẹ̀, sẹfitiráásóònù ò ràn án mọ́, àmọ́ amikasíìnì ń pa á, mẹropẹnẹ́ẹ̀mù náà ń pa á. Amikasíìnì o, tó wà lórí kántà wa, tí kò wọ́n. Bébà èsì yẹn wà nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì nọ́ọ̀sì, lábẹ́ káàdì àwọn aláìsàn tó ti lọ sílé, èmi ni mo fọwọ́ ara mi fà á yọ lọ́jọ́ kẹjọ. Dókítà kékeré tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ kẹta ò rí i, ló bá kọ kọlísítíìnì, nígbà tí a ò ní in, ó ní kí wọ́n lọ rà á níta.

Ẹ wo bó ṣe di 54. Ìgò mílíọ̀nù yúnítì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n rí rà. Abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ jẹ́ mílíọ̀nù 9, ìgò 9 nìyẹn. Lẹ́yìn ẹ̀ ó di mílíọ̀nù 4.5 ní wákàtí méjìlá méjìlá, wọ́n á ṣí ìgò 5, wọ́n á da ààbọ̀ ìgò nù. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, 45. Ọmọ ẹ̀ tó ń ta gàrí lọ́jà Òkè-Àjẹ kó àwọn òfìfo ìgò sínú láílọ́ọ̀nù wá bá mi, ó ní, "Ẹ̀yin Áńtí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé gbogbo eléyìí ló wọ ara màmá mi?" Mi ò rí nǹkan sọ.

Ohun tó tún dá kún un ni pé kọlísítíìnì máa ń ba kíndìnrín jẹ́. Nígbà tá a máa fi yẹ ẹ̀jẹ̀ ìyá wò, kiriatiníìnì ẹ̀, ìdọ̀tí tó yẹ kí kíndìnrín sẹ́ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, ti ju ìlọ́po méjì ti ọjọ́ tó dé lọ, amikasíìnì tó yẹ ká ti fún un látilẹ̀ ò wá ṣeé fún un mọ́, torí òun náà ń mú kíndìnrín. Mẹropẹnẹ́ẹ̀mù tá a dín ìwọ̀n ẹ̀ kù la fi parí ìtọ́jú. Ìyá gbádùn, wọ́n lọ sílé, àmọ́ owó gàrí ti wọgbó.

Mo kọ lẹ́tà lálẹ́ ọjọ́ yẹn sí kọmití tó ń rí sí àkóràn. Oògùn mẹ́rin ni mo ní ká tì mọ́lé: kọlísítíìnì, línẹsólíìdì, taigesaikilíìnì àti mẹropẹnẹ́ẹ̀mù. Alága wa, dókítà láàbù ni wọ́n, fi báírò pupa fa ìlà sí mẹropẹnẹ́ẹ̀mù. Wọ́n ní láti 2017 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti pín antibayótíìkì sí ọ̀wọ́ mẹ́ta, èyí tá a lè fi bẹ̀rẹ̀, èyí tá a gbọ́dọ̀ máa ṣọ́, àti èyí tá a fi pamọ́ de ìgbà tí nǹkan mìíràn ò bá ṣiṣẹ́ mọ́, pé àwọn mẹ́ta tó kù wà lára èyí tá a fi pamọ́, àmọ́ lára èyí tá a ń ṣọ́ ni mẹropẹnẹ́ẹ̀mù wà. "Tó o bá tì í mọ́lé pẹ̀lú kọlísítíìnì, kí lo fẹ́ fi tọ́jú irú ìyá tó o kọ síbẹ̀ yìí?" Ojú tì mí díẹ̀, torí mo mọ̀ ọ́n, ìbínú ló jẹ́ kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo yọ ọ́.

Ẹ̀ẹ̀kejì ló wá gba sùúrù mi. Mo ti kọ ọ́ pé kò sí ìkankan nínú oògùn yìí tó máa kúrò ní fámásì àyàfi tí dókítà láàbù bá fọwọ́ sí i. Ó dùn lẹ́nu, àbí? Dókítà oníṣẹ́ abẹ kan gbá tábìlì, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, tí ẹ̀jẹ̀ aláìsàn bá ti dìbàjẹ́, tí ìfúnpá ti já wálẹ̀ láago méjì òru, wákàtí kan péré la ní láti fi gún un, ṣé fọ́ọ̀mù yín la máa máa wá kiri?" Mo bá a jà níbẹ̀, mo délé mo ṣì ń dá sọ̀rọ̀, àmọ́ òun ló jàre. Mo tún un kọ: ẹni tó bá nílò ẹ̀ lóru, kí wọ́n fún un láìbéèrè, kí wọ́n ṣáà ti gba ẹ̀jẹ̀ tàbí ìtọ̀ fún láàbù ṣáájú, tí ìyẹn ò bá ní fa ìdádúró. Tílẹ̀ bá mọ́, èmi àti dókítà láàbù á lọ síbi bẹ́ẹ̀dì. Ní wákàtí 72, tí dókítà kankan ò bá tún oògùn náà kọ fún aláìsàn, ó parí.

Wọ́n tún dá ìyẹn náà padà! Mètírọ́ọ̀nù ló bi mí pé oògùn tá a bẹ̀rẹ̀ láago mẹ́wàá alẹ́ Ọjọ́bọ̀, ìgbà wo ni wákàtí 72 ẹ̀ pé. Mo ṣírò ẹ̀, aago mẹ́wàá alẹ́ ọjọ́ Sọ́ńdè. Ta ló wà ní ọsibítù nígbà yẹn tó máa tún un kọ? Ká ní wọ́n gbà á bí mo ṣe kọ ọ́, aláìsàn tó nílò oògùn lóòótọ́ á kàn pàdánù abẹ́rẹ́ ẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì ní mọ̀. A wá sọ ọ́ di pé tí 72 bá bọ́ sí òpin ọ̀sẹ̀ tàbí ọjọ́ ìsinmi, ó di ọ̀sán ọjọ́ iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e, fámásì ló sì gbọ́dọ̀ pe wọ́ọ̀dù kó tó dáwọ́ dúró.

Mo rò pé ó tán. Mètírọ́ọ̀nù tún ní, "Ìyá Àgọ́-Ìwòyè yẹn, ibo ni wọ́n ti ra tiẹ̀?" Ìta. Ara mi bù máṣọ. Odindi oṣù méjì tí mo fi ń bá wọn fa ọ̀rọ̀ kántà fámásì, oògùn tó dùn mí tó bẹ́ẹ̀ ò gba iwájú kántà wa kọjá rí! Kò sí èyí tó máa dá ìgò 54 yẹn dúró nínú gbogbo ohun tí mo kọ.

Mètírọ́ọ̀nù náà ló tún mú ọ̀nà àbáyọ wá. Ibi yòówù kí wọ́n ti ra oògùn, ọwọ́ nọ́ọ̀sì ló máa gbà kó tó wọ ara. Fún ìdí èyí, oògùn mẹ́ta yẹn, nọ́ọ̀sì ò ní gún ìkankan láìjẹ́ pé nọ́ńbà tí fámásì fi fọwọ́ sí i wà lórí káàdì oògùn aláìsàn. Tó bá jẹ́ òru, fámásísìtì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ á fún wọn ní nọ́ńbà lórí fóònù, àmọ́ á kọ́kọ́ bi wọ́n bóyá èsì láàbù ti dé, kí wọ́n lọ wo dúrọ́ọ̀. Ìlà méjì péré nínú lẹ́tà olójú ìwé mẹ́ta. Ká ní mo mọ̀, ọ́fíìsì nọ́ọ̀sì ni mi ò bá ti kọ́kọ́ lọ jókòó kí n tó tẹ ọ̀rọ̀ kan.

Wọ́n fọwọ́ sí i fún oṣù mẹ́ta ká fi dán an wò. Mo ra ìkọ́kọrẹ́ fún gbogbo fámásì lọ́jọ́ yẹn, mi ò kí ń ná irú owó bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, èmi fúnra mi gbé línẹsólíìdì lọ sí wọ́ọ̀dù, nọ́ọ̀sì kékeré kan wo káàdì, ó ní, "Ẹ má bínú ma, nọ́ńbà ò sí níbẹ̀." Mo padà lọ kọ ọ́.