Bí ọkọ̀ ṣe ń sá fún owó mi láti 2022 títí dé 2024

Oṣù kẹwàá ọdún 2022 ni mo dúró níwájú Kòrólà 2005 kan ní Ìlọrin. Tòkunbọ̀ ni, àwọ̀ eérú, 2,600,000 náírà ni wọ́n ní mo máa san lẹ́yìn gbogbo ìdúnàádúrà. 1,900,000 ló wà lọ́wọ́ mi. Mo ní mi ò ní yáwó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, mo máa tọ́jú èyí tó kù. Nọ́ọ̀sì ni mí ní Kàbà. Nínú owó oṣù mi àti aṣọ tí mò ń tà, 80,000 ni mo lè yọ sọ́tọ̀ lóṣù. Oṣù mẹ́sàn-án péré ni, mo sì padà sílé pẹ̀lú ìdánilójú. Títí di òní, bí mo bá rántí ọkọ̀ yẹn, inú mi kì í dùn.

Kì í ṣe fáàrí ni mo fẹ́ fi ọkọ̀ ṣe. Bí mo bá ṣíwọ́ iṣẹ́ alẹ́, ọ̀kadà ni mò ń wá kiri nínú òkùnkùn. Ìyá mi ń gbé ní Ìsánlú, a sì gbọ́dọ̀ gbé wọn lọ sí Lọ́kọ́ja fún ìtọ́jú ojú. Láti Ìsánlú gba Mòpà dé Kàbà, láti Kàbà gba Ọ̀bàjànà láàárín àwọn tírélà sìmẹ́ńtì, nínú ọkọ̀ èrò tí wọ́n há èèyàn mẹ́rin sí ẹ̀yìn. Arúgbó ni wọ́n.

Ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan, mo máa ń pe ibi tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀ náà, mo máa béèrè iye irú Kòrólà kan náà, mo sì máa kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan. Iye ọkọ̀, iye tó wà lọ́wọ́ mi, iye tó kù. Ohun kan ṣoṣo tí mo ṣe dáadáa láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn, mo sì ń fi yangàn. Àṣìṣe mi ni pé iye tó wà lọ́wọ́ mi ni mò ń wò, mi ò wo iye tó kù.

Ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, ọkọ̀ ti di 2,900,000, mo ti ní 2,460,000. 440,000 ló kù. Bí mo bá yá 440,000 lọ́jọ́ yẹn, mi ò bá ti ní ọkọ̀. Mo ní kí n ní sùúrù díẹ̀ sí i. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹfà ni Báǹkì Àpapọ̀ yọ ọwọ́ kúrò lára náírà. Dọ́là tí wọ́n ń ṣẹ́ ní nǹkan bí 470 ní báǹkì tẹ́lẹ̀ kọjá 700 láìpẹ́ ọjọ́. Nígbà tí oṣù kẹjọ fi máa parí, ọkọ̀ ti di 3,700,000. Èmi ti ní 2,700,000. Ní ìparí ọdún, 4,600,000 ni, mo sì ti ní 3,020,000.

Ẹ jẹ́ kí n tún un kà fún yín. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, 700,000 ló kù. Mo fi oṣù mẹ́rìnlá tọ́jú 1,120,000, mo sì wá jìnnà sí ọkọ̀ náà ní 1,580,000. Alẹ́ tí mo rí i nínú ìwé yẹn, mi ò lè jẹun.

Alẹ́ yẹn náà ni mo ṣe ìṣirò tó yẹ kí n ti ṣe tipẹ́. Láti oṣù kẹjọ dé oṣù kejìlá, ọkọ̀ fi 900,000 gbówó lórí láàárín oṣù mẹ́rin. Ìyẹn jẹ́ 225,000 lóṣù. Èmi ń fi 80,000 kún owó mi. Lóṣù kọ̀ọ̀kan tí mo bá dúró, mò ń fi 145,000 pàdánù. Ẹgbẹ́ aláfowósowọ́pọ̀ wa máa ń yáni lówó, èlé ìdá mẹ́wàá ni wọ́n ń gbà fún ọdún kan. Bí mo bá yá 1,400,000, èlé rẹ̀ jẹ́ 140,000 fún odindi ọdún. Èlé ọdún kan kò tó ohun tí ìdúró oṣù kan ń jẹ lára mi. Ẹ̀rù gbèsè tó ń bà mí láti kékeré ti ná mi lówó ju gbèsè fúnra rẹ̀ lọ.

Mo ní kí ẹgbẹ́ yá mi ní 1,400,000 náà, àyáwó náà sì jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.

Ibi tí wàhálà ti wá gan-an nìyí. Ní ìparí oṣù kìíní ọdún 2024, oníṣòwò kan ní Ìlọrin sọ fún mi pé ọkọ̀ tí mò ń wá ti gúnlẹ̀ sí èbúté ní Èkó, wọ́n ń kó o jáde. A fẹnu kò sí 4,500,000. Mo san mílíọ̀nù kan àsansílẹ̀. Ó kọ rìsíìtì fún mi lójú ẹsẹ̀, mo ká a sínú báàgì, inú mi sì dùn débi pé mo ra búrẹ́dì fún gbogbo èrò ọkọ̀ tí mo bá padà.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí kọ́sítọ̀mù yí iye tí wọ́n fi ń ṣírò dọ́là padà, láti nǹkan bí 951 sí 1,356. Oníṣòwò pè mí: "Àǹtí nọ́ọ̀sì, ẹ má bínú o. Dọ́là ti gbéra. Ẹ máa fi 650,000 sí i."

Ẹsẹ̀ mi kò gbà mí. Àbúrò mi kan wà ní Èkó tó ń bá wọn kó ẹrù jáde ní èbúté, mo pè é. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bi wọ́n pé èwo ló gbéra? Owó tí wọ́n fi ra ọkọ̀ lókè òkun, wọ́n ti san án. Owó ọkọ̀ ojú omi, wọ́n ti san án. Owó kọ́sítọ̀mù nìkan ni wọn ò tíì san." Ó wá ṣàlàyé fún mi pé iye ọkọ̀ ní dọ́là ni kọ́sítọ̀mù máa ń mú, wọ́n á sọ ọ́ di náírà, ara rẹ̀ ni wọ́n á ti yọ ìdá tiwọn. Ó ní irú Kòrólà yẹn ń gba nǹkan bí 950,000 lọ́wọ́ wọn nígbà tí dọ́là jẹ́ 951. Bí dọ́là bá di 1,356, 950,000 á di 1,355,000. Ohun tó lé lórí rẹ̀ jẹ́ 405,000. Níbo ni 245,000 yòókù ti wá?

Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ìlọrin, mo tẹ́ ìṣirò náà síwájú rẹ̀. Kò jiyàn. Ohun tó sọ ni pé, "Bí mo bá tà á fún yín ní iye yẹn, kí ni mo máa fi ra òmíràn?" Mo ti wá mọ̀ báyìí pé bí gbogbo wọn ṣe ń díye lé ọjà nìyẹn. Wọn kì í wo iye tí wọ́n rà á, iye tí wọ́n máa fi ra èyí tó ń bọ̀ ni wọ́n ń wò. Mo gbà pé oníṣòwò gbọ́dọ̀ jẹun. Ṣùgbọ́n a ti fẹnu kò, mo sì ti san owó! Mo ní mo máa fi 405,000 sí i, ó kọ̀. Mo ní kó dá owó mi padà.

Ìgbà náà ni mo tó wo rìsíìtì mi dáadáa. Ohun tó wà níbẹ̀ kò ju "Àsansílẹ̀ fún Kòrólà, 1,000,000" lọ. Kò sí 4,500,000 níbẹ̀. Kò sí nọ́mbà ara ọkọ̀. Kò sí ọjọ́ tí ọkọ̀ gbọ́dọ̀ dé, kò sì sí ẹni tó máa san àfikún bí dọ́là bá gbéra. Èmi tí mo máa ń ka ìwé aláìsàn lẹ́ẹ̀mejì kí n tó fún un ní abẹ́rẹ́! Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo lọ sí Ìlọrin lórí mílíọ̀nù kan yẹn. Lọ́jọ́ kan, wọ́n ní ọ̀gá lọ kírun, mo jókòó láti aago kan títí di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, mo sì sùn sílé ẹbí. Ó fún mi ní 400,000, lẹ́yìn náà 300,000, lẹ́yìn náà 300,000. Ìgbà tí ìkẹyìn fi wọlé, ó ti di àárín oṣù kẹrin, àyáwó sì ti ń já lára owó oṣù mi láìsí ọkọ̀.

Lásìkò yẹn náírà ti lágbára díẹ̀, dọ́là ti já wálẹ̀ sí nǹkan bí 1,200. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní kí n dúró, pé owó ọkọ̀ máa wálẹ̀. Mo pe ibi mẹ́ta. Kò sẹ́ni tó dín kọ́bọ̀ kan. Àwọn ọkọ̀ tó wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, ìgbà tí dọ́là wà lókè pátápátá ni wọ́n kó wọn jáde, wọn ò sì ní tà á ládàánù. Ọkọ̀ tí wọ́n bá fi dọ́là 1,200 rà gbọ́dọ̀ gorí omi, kó dé èbúté, kó tó dé ọjà, oṣù méjì tàbí mẹ́ta nìyẹn. Mi ò dúró.

Mo yí ojú sí èyí tí wọ́n ti lò nílẹ̀ wa. Ẹni tó bá fẹ́ ta ọkọ̀ ara rẹ̀ kì í pe kọ́sítọ̀mù kó tó dá iye lé e, ìdí tó fi fẹ́ tà ló máa ń pinnu iye. Òṣìṣẹ́ ìjọba kan ní Kàbà tí wọ́n gbé lọ sí ibòmíràn fẹ́ ta Kòrólà 2005 tirẹ̀, 3,700,000.

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má tan ẹ́ńjìnnì láàárọ̀ títí mo fi máa dé, nítorí irú ẹ́ńjìnnì yẹn máa ń mu ọ́ìlì, òwúrọ̀ tó bá tutù ló sì máa ń hàn. Bó ṣe yí kọ́kọ́rọ́, èmi wà lẹ́yìn ọkọ̀, mò ń wo ihò èéfín. Bí èéfín bá jáde tó dà bí aró, ọ́ìlì ló ń jó. Òru funfun díẹ̀ ló jáde, ó sì pòórá. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì gbóná, mẹ́kánìkì mi fa irin tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì jíà jáde, ó nù ún sára bébà funfun. Ó pupa, kò rùn bí ohun tó jóná. Ká ní ó dúdú ni, ilé ni mi ò bá ti gbà lọ. A gbé e gun òkè lẹ́ẹ̀mejì, jíà rẹ̀ kò já.

Lọ́tẹ̀ yìí, ká tó san kọ́bọ̀, mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: iye, nọ́mbà ara ọkọ̀, nọ́mbà ẹ́ńjìnnì, ìwé kọ́sítọ̀mù rẹ̀, ọjọ́. Èmi, òun àti ẹlẹ́rìí méjì fọwọ́ sí i. Nínú 800,000 tó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí mo san owó ọkọ̀, mo ra táyà mẹ́rin, mo dá èyí tó kù padà fún ẹgbẹ́.

Kí oṣù karùn-ún tó parí, dọ́là ti padà sún mọ́ 1,500. Mo pe Ìlọrin, mo kọ iye tí wọ́n dá sínú ìwé mi bí mo ṣe máa ń ṣe, mo sì fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo gbé ìyá mi láti Ìsánlú lọ sí Lọ́kọ́ja. Àwọn nìkan ló jókòó sẹ́yìn, wọ́n na ẹsẹ̀ wọn.