Bí a ṣe ń wo fíìmù pẹ̀lú ọmọ tó fẹ́ fi ilé sílẹ̀ lọ sí yunifásítì

Fíìmù kan ṣoṣo ni kí ẹ mú. Àwọn kan máa ń kó márùn-ún jọ, ọmọ á sùn lọ ní ẹlẹ́ẹ̀kejì. Kó jẹ́ fíìmù tí ọmọ inú rẹ̀ ti ń fi ilé sílẹ̀ lójú wa, tí ẹni tó tọ́ ọ dàgbà náà sì ní ohun tó ń dùn ún. Tó bá jẹ́ ọmọ nìkan ni ìtàn náà mọ̀, òbí ò ní rí ibi jókòó sí nínú rẹ̀.

Èyí tí èmi ń lò ni Lady Bird, tí Greta Gerwig darí ní 2017. Ọmọbìnrin kan ní Sacramento ń parí ilé ìwé girama, New York ló sì fẹ́ ti lọ kàwé. Ìyá rẹ̀, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ní kò sówó. Fún ọmọ tó ń lọ síbi iṣẹ́ àkọ́kọ́, ẹ mú Kiki's Delivery Service ti Hayao Miyazaki, tó jáde ní 1989. Ẹ má wò ó pé àwòrán ni. Àjẹ́ kékeré ọmọ ọdún 13 ló lọ dá gbé nílùú tí kò mọ ẹnì kankan. Ó rí yàrá lọ́dọ̀ obìnrin oníbúrẹ́dì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá èèyàn jíṣẹ́ ẹrù, ìgbà tó yá kò lè fò mọ́.

Ẹ kọ́kọ́ dá a wò. Sìgá wà nínú Lady Bird, ìbálòpọ̀ wà, èébú náà wà. Ó sàn kí ẹ mọ ibi tó wà ju kí ẹ máa sáré wá rìmóòtù níwájú ọmọ.

Ọ̀sẹ̀ méjì kó tó lọ ni kí ẹ wò ó. Alẹ́ tó ṣáájú ìrìnàjò, gbogbo ọwọ́ ló wà nínú báàgì, ẹnì kan ń wá okùn tí wọ́n á fi so àpò gààrì. Ẹ ti dáńlóòdù rẹ̀ sílẹ̀, torí iná. Ẹ tan ọ̀rọ̀ tó ń jáde nísàlẹ̀ fíìmù, nítorí Gẹ̀ẹ́sì wọn ń sáré. Tí ẹ ò bá ní sípíkà, ẹ gbé ẹnu fóònù sínú abọ́ tánganran, ohùn á jáde dáadáa. Ẹ̀pà sísè ni kí ẹ fi panu. Gúgúrú ń pariwo.

Ibi tí wọ́n ti ń bà á jẹ́ nìyí: ẹnu òbí. Mo jókòó nínú pálọ̀ mọ̀lẹ́bí mi kan tó dá fíìmù dúró lẹ́ẹ̀meje. “Ṣé o rí i? Ohun tí mo ń sọ nìyẹn.” Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹrin, ọmọ náà ti ń tẹ fóònù. Ẹ má dá a dúró rárá. Tó bá sì parí, ẹ má béèrè ẹ̀kọ́ tó kọ́. Ìdánwò ni ìbéèrè yẹn, ọmọ yín sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń yege nínú rẹ̀: á sọ ohun tí ẹ fẹ́ gbọ́, á lọ sùn.

Tó bá jẹ́ Lady Bird ni ẹ wò, ẹ béèrè nípa ìyá inú fíìmù. Ọmọ náà ti kọ̀wé wá àyè sí yunifásítì ní New York láìsọ fún ìyá, bàbá ló bá a wá owó. Nígbà tí ìyá mọ̀, kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Lọ́jọ́ ìrìnàjò, ó wà wọ́n dé pápákọ̀ òfurufú, ó ní owó ìgbọ́kọ̀sí ti wọ́n jù, kò wọlé. Ó wakọ̀ lọ, ẹkún gbọ̀n ọ́n nídìí síárìn, ó yí padà, ó sáré wọlé, ọmọ ti lọ. Lẹ́tà tí ìyá ti ń kọ sí ọmọ tó sì ń rún sọnù, bàbá ló ṣà wọ́n jọ, tó kì wọ́n sínú báàgì ọmọ.

Ìbéèrè tèmi ni: “Tó bá jẹ́ ìwọ ni ìyá yẹn, ṣé wàá wọlé?” Lẹ́yìn náà mo máa ń dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló le jù. Ẹ kó abọ́ tí ọwọ́ yín bá ń wá iṣẹ́. Tí ọmọ bá dáhùn, ẹ wá fi ọ̀rọ̀ owó tẹ̀ lé e, torí fíìmù náà ti ṣí i sílẹ̀: ta ló ń san owó ilé ìwé yìí, kí ni wọ́n sì yá? Àfi òótọ́.

Ó lè má dáhùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Ọmọ tèmi ò sọ nǹkan kan. Lọ́jọ́ kẹta, a ń ṣa ẹ̀wà, ó ní, “Mọ́mì, ṣé ẹ máa wọ inú họ́sítẹ́ẹ̀lì?” Mo ní mo máa wọlé. Ó ní kí n dúró ní géètì, pé tí mo bá ń sunkún, ojú máa ń ti òun.