Àwọn Àṣìṣe Tí Í Mú Kí Nọ́ńbà Há Sójú Ọ̀nà Nígbà Tí A Bá Ń Gbé E Lọ Sí Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Mìíràn

Láti ọdún 2013 ni àjọ NCC ti fún àwọn tó ń lo fóònù ní Nàìjíríà láyè láti kúrò ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan bọ́ sí òmíràn láìpààrọ̀ nọ́ńbà wọn. Síbẹ̀, èmi tí mo ń jókòó sídìí tábìlì síìmù ṣì ń rí àwọn tó ń náwó ọkọ̀ àti owó síìmù ṣòfò lórí ọ̀ràn yìí, débi pé ará ilé mi ti ń pè mí ní wòlíì 3232, ìyẹn nọ́ńbà tí a ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ìgbénọ́ńbà ránṣẹ́ sí. Ọ̀fẹ́ ni gbígbé nọ́ńbà lọ báyìí, tí a ń pè ní pọ́ọ̀tù. Ẹni tó bá ní kí ẹ sanwó kí òun tó bá yín ṣe é, ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Èkíní, ẹ má ṣe lọ tọrọ àyè lọ́wọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí ẹ fẹ́ fi sílẹ̀. Ọ́fíìsì èyí tí ẹ ń lọ bá ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀: ẹ mú nọ́ńbà NIN yín àti káàdì ìdánimọ̀ lọ, wọn yóò gba ìbéèrè yín sílẹ̀, wọn yóò sì fún yín ní síìmù tuntun. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí, PORT, ránṣẹ́ sí 3232, láti orí síìmù àtijọ́ gan-an. Àtẹ̀jíṣẹ́ yìí ló ń jẹ́rìí pé ẹni tí nọ́ńbà wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń béèrè. Ẹni tó bá fi ránṣẹ́ láti orí síìmù tuntun tàbí láti orí fóònù ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò tíì bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun.

Èkejì, ẹ lo owó ìpè àti dátà tó kù lórí síìmù àtijọ́ tán, nítorí wọn kì í bá nọ́ńbà lọ.

Ẹ̀kẹta ló ń bí mi nínú jù: kí ènìyàn máa fẹ́ gbé nọ́ńbà tí kì í ṣe orúkọ rẹ̀ ló wà lórí rẹ̀. Ìyá aránṣọ kan wá bá mi, ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì òun àtijọ́ ń fi ìkà dá nọ́ńbà òun dúró, torí pé wọ́n ti dá ìbéèrè òun padà, òun sì ti tún síìmù rà, wọ́n tún dá a padà. Mo bi í pé ta ló ra láìnì náà fún un. Ó ní àbúrò òun ni. Orúkọ àbúrò ọ̀hún ni wọ́n fi forúkọ láìnì sílẹ̀, NIN rẹ̀ ni wọ́n so mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ NIN ti ara rẹ̀ ni ìyá wá fi ń béèrè. Mo ní kí ó sọ fún mi, báwo ni ìwé méjì tó ń jẹ́ orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ yóò ṣe bá ara wọn mu? Rírà síìmù mìíràn kò lè wo àrùn yìí. Ohun tó wò ó ni pé òun àti àbúrò rẹ̀ jọ lọ sí ọ́fíìsì nẹ́tíwọ́ọ̀kì àtijọ́, tàwọn ti NIN àti káàdì ìdánimọ̀ wọn, wọ́n yí láìnì náà sí orúkọ ìyá. Nígbà tí àyípadà náà fìdí múlẹ̀, a gbé ìbéèrè tuntun, ó tún fi PORT ránṣẹ́, nọ́ńbà sì kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Bí orúkọ tó wà lórí láìnì yín kò bá dá yín lójú, ẹ béèrè kí ẹ tó kúrò nílé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ síìmù àtijọ́ nù ní kété tí tuntun bá ti tẹ̀ yín lọ́wọ́. Orí rẹ̀ ni ìpè yóò ṣì máa wọlé títí nọ́ńbà yóò fi rékọjá, ó sì lè gbà tó wákàtí méjìdínláàádọ́ta. Ẹ kò sì gbọdọ̀ fi iṣẹ́ báńkì tó nílò kóòdù orí fóònù sí àárín àsìkò yẹn. Bí fóònù bá ti sọnù, ẹ kọ́kọ́ gba síìmù àtijọ́ padà lọ́dọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀, nítorí láìsí i, kò sí ohun tí ẹ ó fi PORT ránṣẹ́. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé nọ́ńbà rẹ̀ wá láti ibòmíràn náà kò lè tún gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Àkókò ìdúró wà.

Bí síìmù àtijọ́ bá ti kú tí tuntun kò sì jí, ẹ pa fóònù, kí ẹ tún un tàn, kí ẹ sì dán síìmù náà wò nínú fóònù mìíràn. Bí kò bá ṣiṣẹ́ síbẹ̀, tàbí tí wákàtí náà bá kọjá láìsí ìyípadà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì tuntun ni kí ẹ padà sí, tàbí kí ẹ pe 300 láti orí láìnì rẹ̀ mìíràn tó ń ṣiṣẹ́. Ẹ má kàn sọ pé kò lọ. Ẹ béèrè ìdí tí wọ́n fi dá a padà, kí ẹ sì gba nọ́ńbà ẹ̀sùn. Bí wọn kò bá yanjú rẹ̀, ẹ pe àjọ NCC lórí 622, ọ̀fẹ́ ni, kí ẹ sì ka nọ́ńbà ẹ̀sùn náà fún wọn, nítorí wọn yóò kọ́kọ́ bi yín bóyá ẹ ti fi ẹjọ́ sun nẹ́tíwọ́ọ̀kì.