Bí mo ṣe sọ síláìdì ẹ̀kọ́ Bíbélì di ìwé ìléwọ́

Pásítọ̀ wa fi síláìdì òwe afúnrúgbìn, Lúùkù 8:4-15, ránṣẹ́ sí mi. Wọ́n ní kí n tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, kí àwọn ará lè rí ibi kọ nǹkan sí. Síláìdì 24 ni.

PowerPoint ní ọ̀nà kan tó yá: lábẹ́ File, ẹ mú Print, kí ẹ wá yan 3 Slides. Á to síláìdì mẹ́ta sápá òsì, á sì fa ìlà sápá ọ̀tún. Àmọ́ síláìdì máa ń kéré gan-an níbẹ̀. Lẹ́tà tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 32 á fẹ́rẹ̀ẹ́ di 8 lórí ìwé A4, àwọn àgbà ìjọ ò sì ní lè kà á.

Mo kọ́kọ́ dín in kù ná. Mo yọ àwòrán ọ̀ṣọ́ àti gbogbo ohun tí pásítọ̀ máa fẹnu sọ. Mẹ́fà ló ṣẹ́kù: ẹsẹ Bíbélì, ilẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àti ohun tí a ó ṣe. Ìyẹn jẹ́ ojú ìwé méjì, iwájú àti ẹ̀yìn ewé kan ṣoṣo. Mo sọ ẹ̀yìn síláìdì tó dúdú di funfun, lẹ́tà funfun di dúdú, kó má baà mu tádà ìtẹ̀wé tán.

Lẹ́yìn náà ni mo lọ sí File, Export, Create Handouts, mo sì yan Blank lines next to slides. Gbogbo rẹ̀ ṣí nínú Word, ó wà nínú tábìlì, ẹ sì lè fa àwòrán kó tóbi sí i. Mo pa ìlà tó fún mi rẹ́, torí ó há jù fún ọwọ́ àgbàlagbà. Mo fa tèmi, mo fi bíi mìlímítà mẹ́sàn-án sáàárín ìlà kan sí èkejì.

Òkè ìlà ni mo ti lo àkókò jù. Òfìfo ìlà kì í jẹ́ kí ènìyàn mọ ohun tó máa kọ. Níbi ilẹ̀ ẹ̀gún, pásítọ̀ ti kọ ọ́ pé àníyàn, ọrọ̀ àti adùn ayé ló ń fún irúgbìn pa. Mo yọ àníyàn àti ọrọ̀, mo fi àlàfo sípò wọn, kí àwọn ará fetí sílẹ̀ kí wọ́n tó kọ ọ́. Mo wá fi ìbéèrè kan sísàlẹ̀: “Èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sún mọ́ mi jù lọ́sẹ̀ yìí?” Ìlà márùn-ún tẹ̀ lé e.

Ẹ má gbé fáìlì Word lọ síbi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé o. Bí kọ̀ǹpútà wọn ò bá ní irú lẹ́tà tí ẹ lò, àmì ohùn á ṣí kúrò lórí fáwẹ̀lì, ẹ lè bá àpótí kékeré níbi tó yẹ kí ẹ rí ọ̀ tàbí ṣ. PDF ni mo fi pamọ́, mo sì ṣí i lórí fóònù wò. Mo ní kí wọ́n tẹ ẹyọ kan ná, tojú tẹ̀yìn. Ìgbà tí mo ka “ẹ̀gún” já gaara ni mo ní kí wọ́n tẹ ìyókù.