Bí àwọn atọ́nà Satawal ṣe ń fi ìràwọ̀, ìgbì àti ẹyẹ rìn lórí òkun

Satawal jẹ́ erékùṣù kékeré kan ní Òkun Pàsífíìkì, ní orílẹ̀-èdè Maikironíṣíà. Èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn yí i ká kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná. Àmọ́ láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ onígi lọ sí àwọn erékùṣù tí ojú kò lè rí, láìsí kọ́ńpáàsì àti máàpù. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí ìràwọ̀ ti ń yọ

Bí ẹ bá ń jókòó sí ojú kan lálaalẹ́, ẹ ó rí i pé ibì kan náà ni ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan ti ń yọ, ibì kan náà ló sì ń wọ̀ sí. Àkókò tó ń yọ nìkan ló ń yí padà: ó máa ń fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 4 ṣáájú ti àná. Ìràwọ̀ Altair, tí wọ́n ń pè ní Mailap níbẹ̀, fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlà-oòrùn gan-an ló ti ń yọ. Àwọn atọ́nà pín gbogbo ẹ̀bá ọ̀run sí ojú 32, wọ́n sì fi ìyọsí àti ìwọ̀sí ìràwọ̀ sọ wọ́n lórúkọ. Òkúta ni wọ́n ń tò yíká sórí ilẹ̀ fún ọmọdé láti kọ́ ọ.

Tí ilẹ̀ bá ṣú, ẹ kọ orí ọkọ̀ sí ìràwọ̀ tó ń yọ lápá ibi tí ẹ ń lọ. Bó bá ti gòkè jù, kò tọ́ka mọ́. Ẹ mú òmíràn tó tún yọ níbẹ̀. Òru kan lè gba ìràwọ̀ bíi 10. Bí ìkùukùu bá bo iwájú, ẹ wẹ̀yìn, kí ìràwọ̀ tó ń wọ̀ lẹ́yìn wà ní ìdí ọkọ̀ gan-an.

Ìṣòro kan wà tí ìràwọ̀ kò lè sọ fún yín: omi tó ń ṣàn lábẹ́ lè máa gbé ọkọ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nígbà tí orí rẹ̀ ṣì kọjú síbi tó yẹ. Ìdí nìyí tí atọ́nà kì í fi í gbójú kúrò lára erékùṣù tó ń fi sílẹ̀. Bí erékùṣù náà bá ń yẹ̀ kúrò ní ẹ̀yìn ọkọ̀ gan-an, omi ń tì wọ́n nìyẹn, á sì yan ìràwọ̀ mìíràn láti fi tún un ṣe. Tí erékùṣù bá ti wọ̀ kúrò lójú, àǹfààní yẹn ti lọ.

Ẹ fi ara gbọ́ ìgbì

Kì í ṣe ìgbì tó ń fọ́ funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ là ń wí. Èyí tí afẹ́fẹ́ ọ̀nà jíjìn rú ni, tó gùn, tó sì lè máa bọ̀ láti apá kan náà fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ká ní ó ń bọ̀ láti ìlà-oòrùn, tí ẹ sì ń lọ sí àríwá: ọkọ̀ á máa fì sọ́tùn-ún fì sósì. Bí orí ọkọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra ṣáájú, ẹ ti yà sí ìlà-oòrùn. Bó bá jẹ́ ìdí rẹ̀ ló ń gbéra ṣáájú, ìwọ̀-oòrùn lẹ yà sí. Àwọn atọ́nà máa ń dùbúlẹ̀ sínú ọkọ̀ láti mọ èyí, nítorí ara máa ń gbọ́ ọ ju ojú lọ.

Ìgbì pàápàá ń yí ọ̀nà padà díẹ̀díẹ̀, nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ fi oòrùn yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Bí ìkùukùu bá bo ọ̀run fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ lè ti ṣìnà láì mọ̀.

Ẹyẹ ló ń sọ erékùṣù di ńlá

Téńté igi àgbọn erékùṣù tí kò ga kì í hàn ju nǹkan bíi kìlómítà 18 lọ. Ṣùgbọ́n ẹyẹ funfun kékeré kan wà tó ń pẹja lójú òkun, tó sì ń padà sùn lórí ilẹ̀. Ó lè jìnnà tó kìlómítà 40. Láàárọ̀, ibi tó ti ń bọ̀ ni ilẹ̀ wà. Nírọ̀lẹ́, ibi tó ń lọ ni. Èyí tó bá gbé ẹja sẹ́nu ń lọ bọ́ ọmọ rẹ̀, ìgbàkigbà tí ì báà jẹ́. Ẹ má tẹ̀ lé ẹyẹ tó ń ré òkun kọjá tàbí tó ń sùn lójú omi.

Láti Hawáì dé Tàhítì, 1976

Mau Piailug, ọmọ Satawal tí bàbá rẹ̀ àgbà kọ́ níṣẹ́ yìí, ló tọ́ ọkọ̀ Hokulea sọ́nà ní ọdún yẹn, ọ̀nà náà sì ju kìlómítà 4,000 lọ. Kò tíì rin omi yẹn rí. Wọ́n gbéra ní ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún. Ó fà sí ìlà-oòrùn, nítorí pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ máa ń ti ọkọ̀ sí ìwọ̀-oòrùn. Ìràwọ̀ àríwá, tí kì í kúrò lójú kan, ń rẹlẹ̀ bí wọ́n ṣe ń lọ, títí tó fi wọ̀ pátápátá ní ìlà tó pín ayé sí méjì, àríwá àti gúúsù.

Tàhítì gan-an kọ́ ló kọ́kọ́ ń wá. Ọ̀wọ́ erékùṣù Tuamotu tò gbọọrọ sí àríwá àti ìlà-oòrùn rẹ̀. Ó ṣòro láti gba ibẹ̀ kọjá láì rí ọ̀kan. Ẹyẹ funfun yẹn ló kọ́kọ́ yọ sí wọn, lẹ́yìn náà Mataiva, ọ̀kan nínú àwọn erékùṣù náà. Láti ibẹ̀ Mau mọ ibi tó wà dájú, wọ́n sì wọ èbúté Papeete ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà.