Orin géèmù tí kì í tètè súni

Ẹ̀yin ará, tí ẹ bá ń ṣe orin abẹ́lẹ̀ fún géèmù, ẹ má kó gbogbo rẹ̀ sínú fáìlì kan ṣoṣo. Ẹ pín in sí mẹ́ta tí gígùn wọn ò dọ́gba: ìlù ìṣẹ́jú-àáyá 16, dùùrù 20, fèrè 28. Kí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀, kí kálukú máa tún ara rẹ̀ kọ. Tí ìlù bá ń lu ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ní ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin, wọn ò ní forí gbárí. Ó di ìṣẹ́jú 9 àti ìṣẹ́jú-àáyá 20 kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó tún jọ bẹ̀rẹ̀.

Fèrè yẹn, ẹ jẹ́ kó dákẹ́ ju bó ṣe ń fọn lọ. Ohun tí etí bá tètè há sórí ló ń tètè súni.

Ẹ lo `.wav` tàbí `.ogg`. `.mp3` máa ń fi ìdákẹ́jẹ́ díẹ̀ kún ìbẹ̀rẹ̀, ẹ ó sì gbọ́ ọ tí orin á kọsẹ̀ níbi tó ti yí padà.

Ìró ẹsẹ̀ náà ńkọ́? Ẹ gba mẹ́rin sílẹ̀, kí ọ̀kan má ṣe dún lẹ́ẹ̀mejì léraléra.