Ohun tó ń fa máàkì kírẹ́díìtì mi sẹ́yìn

Nígbà tí mo dé ìlú Houston ní Amẹ́ríkà, mo rò pé ọdún mẹ́jọ tí mo fi yá owó ní báńkì n'Íbàdàn, tí mo sì san án pé, yóò gbè mí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Equifax, Experian àti TransUnion, iléeṣẹ́ mẹ́ta tó ń kó àkọsílẹ̀ gbèsè àwọn ènìyàn jọ níbẹ̀, kì í ka àkọsílẹ̀ tó wà ní Nàìjíríà. Lójú wọn, n kò jẹ gbèsè rí, a kò sì lè mọ̀ bóyá ẹni tí kò jẹ gbèsè rí máa ń san.

Mo gba káàdì onídòógò: mo fi 500 dọ́là sílẹ̀ ní báńkì, wọ́n sì fún mi ní káàdì tí mo lè fi jẹ gbèsè tó tó iye náà. FICO, iléeṣẹ́ tó ń ṣírò máàkì tí àwọn ayánilówó fi ń díwọ̀n bóyá ènìyàn yóò san gbèsè, kì í fún ẹni tí àkáǹtì rẹ̀ kò tí ì pé oṣù mẹ́fà ní máàkì, nítorí náà mo ní sùúrù. Ní oṣù keje, mo lọ béèrè láti yá 12,000 dọ́là tí mo fẹ́ fi ra ọkọ̀. Máàkì mi jẹ́ 639, nínú òṣùwọ̀n tó ń lọ láti 300 dé 850, èlé tí ayánilówó náà sì bù lé mi jẹ́ ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, fún ọdún márùn-ún.

Lẹ́tà kan tí òfin ní kí wọ́n fún mi tẹ̀ lé e, ó sì to àwọn ìdí tí máàkì mi fi rí bẹ́ẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ ni pé gbèsè orí káàdì mi ti pọ̀ jù sí iye tí wọ́n gbà mí láyè láti jẹ. Inú bí mi, torí kò sí oṣù kan tí n kò san gbogbo gbèsè náà kí ọjọ́ tó pé. Mo gbé lẹ́tà náà lọ bá ẹ̀gbọ́n kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ó kà á, ó ní, “Àbúrò, mi ò bi ọ́ ní ọjọ́ tí o ń sanwó. Ọjọ́ wo ni wọ́n ń pa ìwé rẹ dé?”

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ọjọ́ 18 oṣù ni báńkì máa ń pa ìwé káàdì mi dé, ìyẹn ọjọ́ tí wọ́n ń ro gbèsè oṣù náà pọ̀, ọjọ́ 12 oṣù tó tẹ̀ lé e sì ni gbèdéke sísan. Iye tó bá wà lórí káàdì ní ọjọ́ 18 ni báńkì ń fi ránṣẹ́ sí àwọn iléeṣẹ́ mẹ́ta yẹn. Mo máa ń ná bíi 430 dọ́là lóṣù, nítorí náà ohun tí wọ́n ń rí ni ẹni tó ti jẹ ìdá 86 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ohun tó lè jẹ.

Nínú ìṣirò FICO, bí ènìyàn ṣe ń sanwó sí ló gba ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún, ọ̀rọ̀ iye gbèsè tó wà nílẹ̀ sì gba 30. Owó oṣù ẹni kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni owó tó wà ní báńkì kò sí níbẹ̀. Àwọn àgbà wa ní ẹni tó yá ẹgbàafà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbẹ̀fà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yìí kò dúró kí ènìyàn kọ̀ láti san. Ó ń wo ẹni tó jọ àwọn tó ti kọ̀ rí, ó sì ń ṣírò bó ṣe ṣeé ṣe tó kí onítọ̀hún jẹ́ kí sísanwó pẹ́ ju 90 ọjọ́ lọ láàárín ọdún méjì. Ẹni tó ti ná káàdì rẹ̀ kù díẹ̀ kó tán jọ wọ́n. Èlé gíga ni ayánilówó fi ń pa àdánù àwọn tí kò ní san rẹ́, àwa tí a ó san ló sì ń gbé ẹrù náà.

N kò dín ìnáwó mi kù. Mo kàn bẹ̀rẹ̀ sí í san 400 dọ́là ní ọjọ́ 15, tó fi jẹ́ pé 30 dọ́là péré ló wà nílẹ̀ ní ọjọ́ 18, ìyẹn ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún. Máàkì tí ayánilówó náà lò kì í rántí gbèsè káàdì ti oṣù tó kọjá. Èyí tó dé kẹ́yìn ló ń wò. Lẹ́yìn oṣù méjì, ó ti di 694.

Mo padà lọ, wọ́n sì fún mi ní ìdá 10. Owó tí mo máa san lóṣù wá sílẹ̀ láti bíi 279 dọ́là sí 255, iye tí ìyẹn yóò dín kù fún mi yóò sì lé ní 1,400 dọ́là nígbà tí ọdún márùn-ún bá pé. Mo ti ń retí 8, ṣùgbọ́n ìdí kejì nínú lẹ́tà náà ni pé àkáǹtì mi ṣì kéré lọ́jọ́ orí, ìyẹn kò sì ní àtúnṣe ju kí n dúró.